Má ra dátà kún dátà nítorí géèmù kọ̀ǹpútà tí o ń gbá lórí fóònù nínú ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Láptọ́ọ̀pù mi wà ní yàrá, mo fẹ́ máa fi fóònù gbá géèmù orí rẹ̀ láti pálọ̀. Mo ti fi Sunshine sórí láptọ́ọ̀pù, mo fi Moonlight sórí fóònù, àwọn méjèèjì sì wà lórí máìfáì kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán ń dì, tí mo bá sì tẹ bọ́tìnì ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Mo ti ra dátà 100 GB, mo tún pààrọ̀ síìmù, ibi pẹlẹbẹ náà ló ṣì ń fi lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ YouTube kì í dì rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára jù fún un?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó dára jù, àbúrò, má sì ra ìkankan mọ́. Dátà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn tó ń sọ fún yín lórí ayélujára pé ètò dátà tó yára jù ni oògùn rẹ̀ ń fi owó yín ṣòfò ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí.

Wo ọ̀nà tí àwòrán ń gbà. Sunshine á ya ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù, á fún un pọ̀ di fídíò, á sì fi ránṣẹ́ sí máìfáì. Máìfáì á gbé e fún fóònù, Moonlight á tú u, ìwọ á sì rí i. Bọ́tìnì tí o tẹ̀ á gba ọ̀nà kan náà padà sọ́dọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí àwòrán náà jáde kúrò nínú ilé yín lọ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síìmù inú máìfáì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń gbá géèmù.

Tí o bá ń ṣiyèméjì, pa máìfáì, yọ síìmù, kí o tún tan án. So láptọ́ọ̀pù àti fóònù mọ́ ọn bí o ṣe máa ń ṣe. Fóònù lè kìlọ̀ fún ọ pé wáìfáì yìí kò ní ìńtánẹ́ẹ̀tì. Sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀, kí o sì pa dátà fóònù fúnra rẹ̀, kó má baà sá lọ síbẹ̀. Ṣí Moonlight. Géèmù á ṣí, á sì máa dì gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dì nígbà tí 100 GB wà lórí síìmù. (Géèmù tí o ń gbá pẹ̀lú àwọn èèyàn lórí ayélujára, tàbí èyí tó gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì kó tó ṣí, kò ní lọ láìsí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Tìyẹn yàtọ̀. Fi géèmù tí èèyàn ń dá gbá dán an wò.)

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni àkọsílẹ̀ dátà lórí fóònù. Tí o bá fi fídíò sí 10 Mbps nínú Moonlight, wákàtí kan á gbé 4.5 GB wọlé. Fóònù á kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí wáìfáì lò, ẹni tó rí i á sì pariwo pé géèmù ti jẹ dátà òun tán. Fóònù kàn ń ka ohun tó gba inú wáìfáì kọjá ni. Kò bìkítà bóyá láti yàrá ló ti wá tàbí láti òkèèrè. Ohun tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ka ni èyí tó gba síìmù kọjá, ìyẹn kò sì tó nǹkan.

Ti YouTube tí o sọ, kì í ṣe ẹ̀rí. Fídíò YouTube ti wà tẹ́lẹ̀, fóònù sì máa ń gba apá tó kù sílẹ̀ kí ojú tó dé ibẹ̀. Bí wáìfáì bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, o kò ní mọ̀, torí ohun tó wà nílẹ̀ lo ń wò. Géèmù kò ní ohun tó wà nílẹ̀. Àwòrán tó kàn kò tíì sí láyé títí ìwọ á fi tẹ bọ́tìnì. Ní ìwọ̀n àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 17 ms péré, ìyẹn ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú-àáyá. Èyí tó bá dé lẹ́yìn àkókò rẹ̀ ti di àlòkù, Moonlight á sì jù ú nù. Ìdí nìyẹn tí wáìfáì tó ń gbé YouTube dáadáa fi lè ba géèmù jẹ́.

Ibi tí ìṣòro rẹ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ máìfáì kéékèèké orí 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ náà ni wáìfáì aládùúgbò rẹ wà, àti Bluetooth. Tí o bá ń lo páàdì Bluetooth, òun náà ń jà sí àyè kan náà. Èkejì ló tún burú jù: àwòrán kan náà ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, láti láptọ́ọ̀pù sí máìfáì, àti láti máìfáì sí fóònù. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fídíò 20 Mbps á gba àyè 40 Mbps. Fi ògiri yàrá kún un, kí o wá wo ohun tó kù.

Tó bá jẹ́ ráútà tó ní ojúhò wáyà lo ní, ọ̀rọ̀ ti parí: fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí o jẹ́ kí fóònù nìkan wà lórí wáìfáì 5 GHz. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwòrán á wá gba afẹ́fẹ́. 5 GHz kì í la ògiri kọjá bíi 2.4 GHz, nítorí náà jókòó sítòsí ráútà.

Máìfáì ni tìrẹ, kò sì sí ojúhò wáyà lára ọ̀pọ̀ wọn. Yọ ọ́ kúrò láàárín pátápátá. Jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ di wáìfáì, kí láptọ́ọ̀pù so mọ́ ọn. Pa dátà fóònù ná. Èyí ṣe pàtàkì, torí tí láptọ́ọ̀pù bá rí ìńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni dátà á wá jóná lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tan hótísípọ́ọ̀tì, wá ibi tí wọ́n ti ń yan 5 GHz (orúkọ tí fóònù kọ̀ọ̀kan fún un yàtọ̀), yàn án, kí o tan án. So láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Tí láptọ́ọ̀pù kò bá rí orúkọ rẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé wáìfáì rẹ̀ kò mọ 5 GHz. Padà sí 2.4 GHz, ó ṣì sàn ju ti máìfáì lọ nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni àwòrán ń fò.

Ó ṣeé ṣe kí Moonlight má rí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lórí hótísípọ́ọ̀tì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o tún gbogbo rẹ̀ fi sí. Lórí láptọ́ọ̀pù, ṣí Command Prompt, kí o tẹ:

```
ipconfig
```

Wá abala wáìfáì, kí o ka nọ́ńbà tó wà níwájú `IPv4 Address`. Tẹ àmì + nínú Moonlight, kí o kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Tí wọn kò bá tíì mọ ara wọn rí, fóònù á fi nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin hàn ọ́. Ṣí `https://localhost:47990` lórí láptọ́ọ̀pù, lọ sí `PIN`, kí o tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ tí búráúsà máa gbé jáde kí ojúewé yẹn tó ṣí kò léwu, láptọ́ọ̀pù tìrẹ fúnra rẹ ni. Tí kò bá ṣì so pọ̀, wo ètò wáìfáì nínú Windows: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun sábà máa ń wà ní `Public network`, yí i sí `Private network`.

Nísinsìnyí, má fi ojú ṣe ìdíwọ̀n. Nínú ètò Moonlight, tan ohun tó ń fi performance stats hàn, kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 720p, 60 FPS, 10 Mbps. Lórí ojú fóònù kékeré, 1080p kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, àwọn tó ń fi sí 50 Mbps kàn ń fi ìyà jẹ wáìfáì ni. Gbá géèmù díẹ̀, kí o ka ohun tó wà lókè. Tí `Average network latency` bá wà lábẹ́ 10 ms, tí `Frames dropped by your network connection` sì wà ní òdo tàbí sítòsí rẹ̀, wáìfáì rẹ ti dára. Bí géèmù bá ṣì ń fà, wáìfáì kọ́ ni wàá dá lẹ́bi. Wo `Average decoding time`: tó bá kọjá 17 ms, fóònù ni kò lè tú fídíò náà bó ṣe ń wọlé. Wo `Host processing latency`: tó bá ga, láptọ́ọ̀pù ni ó ń mí hẹlẹ. Gbé wáyà iná sí i lára, torí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dín agbára wọn kù lórí bátìrì, kí o sì dín àwòrán géèmù náà kù nínú ètò géèmù fúnra rẹ̀, kí káàdì àwòrán lè ní àyè láti fún fídíò pọ̀. Má pa láptọ́ọ̀pù dé, yóò sùn. Fóònù tó ń ṣe hótísípọ́ọ̀tì tó tún ń tú fídíò á gbóná. Tó bá gbóná jù, sinmi, má tì í mọ́ ṣájà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ohun kan tí n kò ní jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn kan ń sọ pé kí ẹ ṣí ojúhò ráútà, ìyẹn port forwarding, fún Sunshine kí géèmù lè yára. Nínú ilé, kò wúlò rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà rẹ sí gbogbo ayé, Sunshine sì ń fún ẹni tó bá wọlé ní gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe géèmù nìkan. Tó o bá ti ṣí i, lọ tì í lónìí, kí o sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Sunshine. Bí ráútà náà bá jẹ́ ti onílé tàbí ti ibi iṣẹ́, bi ẹni tó ni ín kí o tó fọwọ́ kàn án.

Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ máa gbá a láti òde, níta ilé, ibẹ̀ ni dátà ti wọ ọ̀rọ̀. Kódà níbẹ̀, yíyára tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé fi ń gbé nǹkan jáde ló ṣe kókó, kì í ṣe bó ṣe ń gba nǹkan wọlé, àti pé 4.5 GB wákàtí kan á wá jáde lára síìmù inú máìfáì ilé àti ti fóònù ní tòótọ́. Kọ ìbéèrè yẹn lọ́tọ̀, kí o sọ irú ìńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nílé yín.