Ta ni “ẹni mi kan ṣoṣo” inú Sáàmù 22:20?

Ìbéèrè: Mo ń túmọ̀ Sáàmù 22:20. Ìlà kìíní bẹ Ọlọ́run pé kó gba onísáàmù lọ́wọ́ idà, ìlà kejì sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba “ẹni mi kan ṣoṣo” lọ́wọ́ ajá. Ṣé ọmọ rẹ̀ ni àbí ìyàwó? Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe ìyàwó. Ìlà kìíní ló máa sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ẹ kọ ìlà méjèèjì sórí ara wọn (ẹsẹ 21 ni nínú Bíbélì Hébérù, nítorí wọ́n ka àkọlé sáàmù náà mọ́ ẹsẹ), kí ẹ wá so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì rẹ̀. Idà àti ajá dojú kọ ara wọn. “Gbà” ò ní èkejì: ìlà kìíní nìkan ló wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ Hébérù méjì, “nafṣi” lókè, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí “ọkàn mi” tàbí “ẹ̀mí mi”, àti “yẹhidati” nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èdè Hébérù máa ń pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo. Abo ni “nafṣi”, abo náà ni “yẹhidati”, ìyẹn “èyí kan ṣoṣo tí mo ní”. Àmọ́ abo nìkan ò tó ẹ̀rí, torí abo náà ni ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ń tọ́ka sí ọmọbìnrin Jẹ́fútà nínú Àwọn Onídàájọ́ 11:34. Ibẹ̀, ìtàn ti sọ pé ọmọbìnrin rẹ̀ ni; níhìn-ín, “nafṣi” nìkan ló wà nítòsí. Sáàmù 35:17 tún so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ báyìí gẹ́lẹ́, kìnnìún ló kàn wà níbi tí ajá wà.

Ìlà kejì náà ló máa bá yín yan ọ̀rọ̀ fún “nafṣi”. Ó lè jẹ́ ọ̀fun, èémí, ẹ̀mí tàbí ènìyàn fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń kọ “ọkàn”. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, ọkàn la fi ń ronú, òun ló ń bàjẹ́ tí inú wa ò bá dùn. Ẹ̀mí ni idà ń gbà, ẹ̀mí sì ni ajá lè fà ya.

Ẹ má wulẹ̀ tún “ẹ̀mí mi” sọ lẹ́ẹ̀mejì o. Ìlà kejì fi nǹkan kún ti àkọ́kọ́: èyí tó bá lọ ò ní àrọ́pò. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

Gba ẹ̀mí mi lọ́wọ́ idà;
ẹ̀mí kan ṣoṣo tí mo ní, gbà á lọ́wọ́ ajá.

Mo tún “gbà” sọ nítorí ìlà kejì máa dà bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ létí Yorùbá láìsí i. “Láti ọwọ́” ni Hébérù kọ ṣáájú ajá, “lọ́wọ́” wa sì ti gbé e. Kò sídìí láti fi “agbára” kún un.

Ẹ ka ìlà méjèèjì sí ẹni tí kò rí ìwé náà létí, kí ẹ bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà. Tó bá dárúkọ ènìyàn kan, ìlà kejì ti já kúrò lára àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ tún un kọ.