Gbígbé agbára ìjì lé pọ́línì: ibo la ti ń wọn àlàfo?

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ilé kan ni mò ń ṣírò l'Ógbómọ̀ṣọ́, òrùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ ní 20°. Ìjì ń fà á sókè pẹ̀lú 1.2 kN/m². Àlàfo pọ́línì wo ni kí n fi sọ ọ́ di kN/m, ti orí pláànù ni àbí ti ojú páànù?”

Ti ojú páànù ni, àbúrò. Ìjì kì í fa páànù lọ sókè ọ̀run tààrà, ó ń fà á ní ìdúró ṣánṣán sí ojú páànù gan-an. Pọ́línì kọ̀ọ̀kan ló ni ìdajì àlàfo òkè rẹ̀ àti ìdajì ti ìsàlẹ̀. Bí àlàfo bá jẹ́ 1.2 m:

```
w = 1.2 × (0.6 + 0.6) = 1.44 kN/m
```

Ká ní orí pláànù lo ti wọ̀n ọ́n ni, 1.13 m lo máa rí, ẹrù á sì dín sí 1.35.

Ìwúwo páànù àti igi ní tirẹ̀ ń wá sílẹ̀ tààrà, òun ló yẹ kí o sọ di púpọ̀ pẹ̀lú cos 20°. Bó bá jẹ́ 0.1 kN/m², 0.11 kN/m péré ló máa yọ kúrò. Ó ku 1.33 tó ń fà sókè. Bí igi òrùlé tó gbé pọ́línì bá jìnnà síra ní 1.2 m, oríkèé kọ̀ọ̀kan láàárín wọn ń gba 1.6 kN, kí o tó fi ìṣọ́ra kún un o. Ibẹ̀ ló ti ń já jù: lẹ́yìn ìjì, mo ti rí páànù tó ṣì kan mọ́ pọ́línì rẹ̀ nínú ọgbà aládùúgbò.

Pọ́línì etí ilé gba ìdajì àlàfo kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ibi tí páànù yọ síta. Ṣùgbọ́n ìjì tún ń ti ibi tó yọ yẹn láti abẹ́, nítorí náà ro ìyẹn mọ́ ọn.