Ìwọ̀n táńkì àti gọ́tà omi òjò fún ilé kan ní Ìsánlú

Ìbéèrè: Ìsánlú ni ilé wa wà, àwa mẹ́fà la sì ń gbé ibẹ̀. Páànù apá méjì tó wà lórí rẹ̀ bo ilẹ̀ tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Kànga wa máa ń fà lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni kí táńkì àti gọ́tà tí màá ṣe ṣe tóbi tó?

Ìdáhùn: Iye ọjọ́ tí òjò kò fi ní rọ̀ ni kí ẹ fi díwọ̀n táńkì yín, kì í ṣe bí òrùlé ṣe tóbi tó. Láti oṣù kọkànlá títí dé ìparí oṣù kẹta, nǹkan bí 150 ọjọ́ ni. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 10 lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ, lítà 60 lẹ ó máa lò, èyí tó jẹ́ lítà 9,000 títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Táńkì onílítà 5,000 méjì yóò tó, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù yóò gbà yín bí òjò oṣù kẹrin bá pẹ́. Bí ẹ bá fi ti ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ kún un, tí ó di lítà 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò di lítà 36,000; lójú tèmi, owó irú táńkì bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní níná níwọ̀n ìgbà tí kànga yín ṣì ń sun díẹ̀díẹ̀.

Òrùlé yín kò ní já yín kulẹ̀. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan, nítorí náà bí mìlímítà 100 bá rọ̀ sórí mítà 120 yín, tí a sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, lítà 9,600 ni yóò wọlé. Ohun tó ṣòro ni àkókò: òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló gbọ́dọ̀ kún táńkì náà. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nítorí ẹni tó bá dúró di oṣù kọkànlá lè má rí òjò kan mọ́.

Ní ti gọ́tà, òjò líle ni kí ẹ fi díwọ̀n rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ ní mìlímítà 100 ní wákàtí kan, apá òrùlé kan yóò máa da lítà 100 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Gọ́tà tó rí bíi páìpù tí a là sí méjì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 5, àti páìpù íńṣì 3 tí yóò gbé omi sọ̀kalẹ̀, yóò gbà á. Káfíńtà sábà máa ń tẹ gọ́tà náà láti ìkangun kan dé èkejì. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan tẹ̀ ẹ́ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìkangun kejì yóò ti fi sẹ̀ǹtímítà 12 jìnnà sí páànù, omi yóò sì máa fò kọjá rẹ̀ bí òjò bá le. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ láti ìkangun méjèèjì wá sí àárín, kí páìpù wà níbẹ̀, kí etí páànù sì wọ inú gọ́tà díẹ̀. Ẹ wọn gíga táńkì kí ẹ tó rà á, nítorí ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju gọ́tà lọ. Orí kọnkéré tó dúró sórí ilẹ̀ líle ni kí ẹ gbé e kà: tọ́ọ̀nù márùn-ún ni omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀n bó bá kún.

Eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ máa ń pọ̀ lórí páànù kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán lítà 60 àkọ́kọ́ láti apá kọ̀ọ̀kan dànù. Bí omi inú ife funfun bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tíì yí páìpù sí táńkì.