Fífa ìwé ìwáṣẹ́ sẹ́yìn kí intafíù tó dé

"Mo kọ̀wé wá iṣẹ́ akáǹtì l'Ékòó, ṣùgbọ́n àìsàn dé sí ìyá mi, mi ò lè kúrò n'Ífẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì pè mí fún intafíù. Ṣé kí n kàn dákẹ́?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ má dákẹ́. Lórí ímeèlì tí wọ́n fi sọ pé ìwé yín ti dé ni kí ẹ ti fèsì, kí ẹni tó ṣí i lè rí orúkọ yín àti iṣẹ́ tí ẹ wá lójú kan náà. Kò yẹ kó gùn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fa ìwé tí mo fi wá iṣẹ́ akáǹtì sẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí kan tí kò ní jẹ́ kí n lè wá sí Èkó lásìkò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Mo dúpẹ́ pé ẹ gba ìwé mi."

Ẹ má ka àìsàn màmá fún wọn. "Ọ̀rọ̀ ẹbí" ti tó. Ẹ má sì fi "bóyá" tàbí "ó dà bíi pé" sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n rò pé mo fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú ni, ni wọ́n bá tún fi ọjọ́ intafíù ránṣẹ́, mo wá ń kọ lẹ́tà kejì pẹ̀lú ìtìjú.

Tó bá jẹ́ orí wẹ́bùsáìtì wọn lẹ ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì `Withdraw` wà níbẹ̀. Kí ó dá yín lójú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ó lè má ṣeé dá padà. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ fi orúkọ wọn ṣe ẹlẹ́rìí náà, kí wọ́n má bàa máa retí ìpè.