Fótò sálúbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sálúbàtà aláwọ ni mo ń tà, bírọ́ọ̀nù ni wọ́n, àmọ́ tí mo bá ti ya wọ́n lálẹ́ wọ́n á pọ́n, kọ́sítọ́mà á ní kì í ṣe èyí tóun rí nìyí. Pépà funfun tí mo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ náà á dà bí eérú. Mi ò ní sítúdíò, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan, iná alẹ́ yẹn ni. Gílóòbù tó mọ́ pupa rúsúrúsú máa ń kun gbogbo ohun tó bá tàn sí, tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá wá dà pọ̀ mọ́ ọn ó tún burú sí i, apá kan bàtà á pọ́n, apá kejì á dà bíi búlúù, kéèyàn tó rí i tún ṣe, wàhálà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ti alẹ́ sílẹ̀. Tó bá di bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ gbé tábìlì kékeré sún mọ́ fèrèsé, kí fèrèsé wà lápá òsì yín, ẹ pa gbogbo iná yàrá, ẹ má tan fíláàṣì rárá. Tí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i.

Kádíbọ́ọ̀dù funfun méjì lẹ máa rà. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ orí ìkan mọ́ ògiri, kó rọra tẹ̀ wálẹ̀ sórí tábìlì, ẹ má ṣẹ́ ẹ o, torí ojú ibi tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ máa hàn bí ìlà lẹ́yìn bàtà. Ẹ gbé ìkejì dúró lápá ọ̀tún, òun ló máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn.

Ti eérú yẹn, tí kámẹ́rà bá rí funfun tó pọ̀, ó máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bá dín in kù fúnra ẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ bàtà lójú fóònù, nínú ọ̀pọ̀ fóònù àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ rọra fà á sókè títí pépà á fi funfun. Ẹ máa wo òwú tí wọ́n fi rán awọ náà, tí ojú rírán bá ti ń parẹ́, ẹ ti fà á jù, ẹ dá a padà díẹ̀.

Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Téèyàn bá gbé fóònù lé bàtà lórí báyìí, iwájú ẹ̀ á tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, gìgísẹ̀ á sì kéré. Ẹ sún sẹ́yìn bíi mítà kan, kẹ́ ẹ wá tẹ `2x`, kí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bàtà dọ́gba, kó ga jù ú lọ díẹ̀ péré. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ya méjèèjì látòkè, kẹ́ ẹ tún ya ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí àwọn oníbàárà máa ń béèrè.

Tó bá ní irin tó ń dán, ẹ má wọ aṣọ aláràbarà. Mo ya báàgì kan rí, pupa bùbá mi ló hàn gbangba lára irin ẹ̀, ṣe ni mo tún gbogbo ẹ̀ yà.

Kẹ́ ẹ tó gbé fótò jáde, ẹ mú bàtà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù níbi fèrèsé yẹn náà, ẹ wo àwọ̀ méjèèjì. Tó bá ṣì ń pọ́n, ẹ wò yíká, ó lè jẹ́ kọ́tìnì tàbí ògiri aláwọ̀ kan ló ń tàn sí i lára.