Ibi tí kóòdù yẹn fẹ́ gbé yín lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

«Ẹ kúulé o. Wọ́n pín bébà fún wa lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, pé ká fi kóòdù onígun mẹ́rin tó wà lórí ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọlọ́jà. Mo gbé kámẹ́rà sí i, ojú ewé kan ṣí, Faransé ni gbogbo ẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bèèrè nọ́ńbà fóònù àti kóòdù. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?»

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ná.

Aṣọ ni mò ń tà ní Wàndó, l'Ájàṣẹ́ níbí, ọmọ Kétu ni mí, Faransé tí mo gbọ́ ò ju ti ọjà lọ, kọ́ńbíẹ̀ǹ àti mẹ̀sí. Ó ti tó ọdún méjì báyìí, mò ń retí ẹrù kan láti Kútọnu, mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ mo bá bébà kékeré lábẹ́ ilẹ̀kùn, àwòrán páálí lókè, kóòdù nísàlẹ̀. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì bá mi kà á, ó ní wọ́n ní ẹrù mi ti dé, kí n san 650 sẹ́fà kí wọ́n tó gbé e wá. 650! Ta ni yóò torí 650 ṣe wàhálà. Mo gbé kámẹ́rà sí i, ojú ewé ṣí, ó mọ́ tónítóní, àmì àwọn tó ń gbé ẹrù wà lókè ẹ̀. Mo kọ orúkọ, mo kọ nọ́ńbà. Àpótí tó tẹ̀ lé e, `Code secret` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí mo mọ̀ ọ́n, òun náà ni fóònù máa ń kọ jáde tí mo bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, mo wá rò pé bí wọ́n ṣe ń sanwó náà nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan ń yí gbirigbiri lójú fóònù, mẹ́séèjì wọlé, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, ojú ewé ní kí n kọ ìyẹn náà, mo kọ ọ́. 87 000 sẹ́fà ló wà nínú àpò fóònù yẹn. Mi ò tíì ta ju yáàdì àńkárá méjì lọ lọ́jọ́ náà tó fi ku 300 àti díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni mẹ́séèjì yẹn. Ọmọ mi dé láti ilé ìwé, ó kà á: `Ne communiquez ce code à personne`. «Ìyá, wọ́n ní kẹ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù yìí o.» Ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé olè yẹn wà níbì kan tó ń fi nọ́ńbà mi wọ àpò owó mi lórí fóònù tiẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi láti mọ̀ bóyá èmi ni, èmi náà sì gbé e fún un.

Látìgbà yẹn, mi ò wo ẹwà ojú ewé mọ́, mi ò sì torí pé mi ò gbọ́ èdè ẹ̀ bẹ̀rù, àdírẹ́sì ni mò ń wò. Àdírẹ́sì ò ní èdè, bó ṣe rí fún Faransé náà ló rí fún èmi àti ẹ̀yin. Tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà fóònù sí kóòdù, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ dúró, líǹkì kékeré kan á yọ lójú ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní hàn tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀ títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ wá lọ lẹ̀ ẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti ń kọ nǹkan pamọ́ kẹ́ ẹ lè rí gbogbo ẹ̀. Àwọn ápù kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí kóòdù ló ti ṣí i, ẹ yọ irú ẹ̀ kúrò lórí fóònù jàre.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kà á nìyí, ẹ fi méjì yìí wéra:

```
https://service-public.bj/
https://service-public.bj.aide-marche.example/form
```

Àkọ́kọ́ ni ojú ewé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tòótọ́. Èkejì èmi ni mo hun ún, torí náà ni mo ṣe fi `.example` parí ẹ̀, kó má bàa gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Ẹ fo `https://`, ẹ wá síláàṣì àkọ́kọ́ tó dá dúró, kẹ́ ẹ wá ka ohun tó wà ṣáájú ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ló ni ilé. Níbi èkejì yẹn, `aide-marche.example` ló nilé, `service-public.bj` tó wà níwájú kàn dà bí orúkọ ẹlòmíì tí wọ́n kùn sára ògiri ni, ẹnikẹ́ni ló lè kùn ún. Olè mọ̀ pé iwájú lojú wa máa ń wò, ibẹ̀ ló sì máa ń fi orúkọ gidi sí. Àwòrán àgádágodo tó máa ń wà lókè lórí fóònù míì náà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, kí ẹlòmíì má lè yọjú sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ lọ́nà nìkan ló wà fún, olè náà ń lò ó.

Kó tún wá yé yín pé àdírẹ́sì tí kámẹ́rà fi hàn lè má jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa dé o. Líǹkì kúkúrú bíi `bit.ly` á kàn gbà yín ní ẹnu ọ̀nà ni, yóò tì yín síwájú. Torí náà bí ojú ewé bá ṣí, ẹ tẹ òkè níbi àdírẹ́sì kẹ́ ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kọ́wọ́ yín tó kan àpótí kankan.

Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa fẹ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí Gúgù túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ lọ lẹ líǹkì yẹn sínú Gúgù tó ń túmọ̀, àdírẹ́sì òkè á yí padà, `service-public.bj` á di `service--public-bj.translate.goog`, gbogbo ojú ewé láyé, olè àti olóòótọ́, `translate.goog` náà ló máa gbẹ̀yìn wọn. Ẹ fìyẹn kàwé nìkan, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Kúróòmù fúnra ẹ̀ ló túmọ̀ ẹ̀ lójú kan náà, àdírẹ́sì ò ní yí.

Àdírẹ́sì tó dáa náà ò ní kẹ́ ẹ kọ `Code secret` síbẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó, kí ló fẹ́ fi kóòdù yín ṣe? Nọ́ńbà lásán tó láti fi gbowó. Èmi, tí mo bá fẹ́ sanwó báyìí, nọ́ńbà nìkan ni mò ń kọ sójú ewé, ìbéèrè á wá yọ lórí fóònù mi fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ kóòdù. Tẹ́ ẹ bá ti kọ tiyín tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè, ẹ yí i padà lónìí kẹ́ ẹ sì pe ilé iṣẹ́ fóònù yín, ẹ má dúró de ọ̀la bíi tèmi.

Bébà yẹn, ẹ mú un lọ sí mérì kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló pín in. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká bá yín wo àdírẹ́sì náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, àmọ́ ẹ fi àyè sáàárín àwọn dọ́ọ̀tì ẹ̀ kó má di líǹkì. Ẹ má ya fọ́tò kóòdù yẹn wá o, ẹlòmíì á gbé kámẹ́rà sí i.