Òpó kúrò lójú ìlà: kí ni kí n kọ sínú ìròyìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A ti da òpó 12 nísàlẹ̀ ilé, ìlà A dé C, mẹ́rin-mẹ́rin. Ìlà D ló kù. Sọ́fíyọ̀ wọ̀n wọ́n, ó ní 9 nínú wọn ti kúrò níbi tí àwòrán fi wọ́n sí, ó sì ju mílímítà 10 tí ìwé iṣẹ́ gbà wá láyè lọ. Kọnsọ́tántì ní kí n kọ ìròyìn. Mo fi ìwọ̀n rẹ̀ àti àwòrán ránṣẹ́. Ṣé a máa wó wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì wó nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú òpó 9 yẹn.

Ẹ wo ìlà A, tó kọjú sí títì. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi mílímítà 36 sí 39 sún sínú ilé. Ìlà inú àwòrán gba àárín ògiri, búlọ́ọ̀kù 225 ni ògiri náà, òpó sì fẹ̀ tó 300. Ayàwòrán fẹ́ kí ojú òpó àti ojú ògiri dọ́gba níta, nítorí náà àárín òpó gbọ́dọ̀ fi 37.5 wọlé. Ibi tí ìlà méjì ti pàdé ni sọ́fíyọ̀ yín mú ní àárín òpó. Ẹ yọ 37.5 kúrò, kò sí èyí tó ṣì ju 2 lọ. Òpó dára, ìṣirò ni kò dára.

Ìlà C ló gba ìṣọ́ra. Gbogbo rẹ̀ fi 17 sí 20 sún sí ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n àlàfo láàárín òpó kan sí èkejì lójú ìlà náà pé. Òpó mẹ́rin kì í dédé ṣìnà sọ́nà kan náà. Yálà èèkàn tí wọ́n fi fa ìlà C ti sún, tàbí ìdúró ẹ̀rọ sọ́fíyọ̀ lọ́jọ́ náà ni kò tọ́. Ẹ na téèpù láti ojú òpó B, yàtọ̀ sí B3, sí ojú kan náà lára òpó C, torí téèpù kò mọ èèkàn kankan. Bí ó bá jẹ́ 5,000 bí àwòrán ṣe wí, ẹ̀rọ ló ṣì, kí sọ́fíyọ̀ tún un wọ̀n. Bí ó bá tó 5,018, òpó ló sún lóòótọ́.

B3 dá wà ní tirẹ̀: 22 sí ìlà-oòrùn, 6 sí gúúsù, àpapọ̀ rẹ̀ bí 23. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró dáadáa, nítorí náà páńkó rẹ̀ ni mo fura sí pé ó yẹ̀ nígbà tí ẹ ń da kọnkéré. Ẹ wọn orí àti ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká mọ̀ bóyá ó sún ni tàbí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú ìròyìn, ẹ kọ nọ́ńbà àwòrán àti àtúnṣe rẹ̀ tí ẹ lò sókè. Lẹ́yìn náà, fún òpó kọ̀ọ̀kan, ibi tó yẹ kó wà, ibi tó wà, àti ìyàtọ̀. Ìwọ̀n la máa ń yọ ti àwòrán kúrò nínú rẹ̀, ẹ má yí i padà láàárín ìwé. Ẹ sọ ohun tó fà á àti ẹ̀rí yín. Àtúnṣe òpó kì í ṣe tiyín: ẹnjiníà tó ṣírò ilé ló máa sọ bóyá òpó àti ìpìlẹ̀ lè gba ẹrù tí kò bọ́ sí àárín mọ́. Kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí bẹ́ńdà tẹ irin tó yọ lórí òpó, ẹ má sì wọn ìlà D láti ara C. Orí èèkàn àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí.